Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọ̀rẹ́ tó pé ẹni ogójì ọdún: èwo la lè fi ṣẹ̀fẹ̀, èwo la ó fi sílẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ máa pé ẹni ogójì ọdún lópin oṣù yìí. Gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan ní Abẹ́òkúta la ti máa ṣe é, nǹkan bí igba èèyàn la sì ń retí. Wọ́n ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀ lórúkọ àwa ọ̀rẹ́, kí n sì ní kí gbogbo ilé gbé ife sókè fún un. Ìyá rẹ̀ máa wà níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀ máa wà níbẹ̀, pásítọ̀ wọn náà ń bọ̀.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín, kó sì wọ ọ̀rẹ́ mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ojú tì í. Ohun tí mo ti kọ jọ rèé. Ó máa ń pẹ́ dé ibi gbogbo, á ní òun ti wà lọ́nà, bẹ́ẹ̀ kò tíì wẹ̀. Ó máa ń fílàṣì èèyàn, kò sì ní jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń kọ lẹ́tà sí i, èmi ni mo ń bá a kà á. Nílé ìwé, Eegun Ẹja la máa ń pè é, ẹ wá wo bó ṣe sanra báyìí. Paríparí rẹ̀, ọdún tí bàbá mi kú, òun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Èwo ni kí n mú nínú wọn? Báwo ni mo ṣe máa tò ó? Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àjọkẹ́ níbí.

Bàbá Onígègé

Ọmọ mi, o kú ìmúra. Ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá. Ìbà ni kó o kọ́kọ́ jú fún àwọn àgbà, kó o wá pa òwe kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà kó o sọ pé ẹni tó bá jẹ́ òmùgọ̀ ní ogójì ọdún, òmùgọ̀ ayérayé ni, àmọ́ ọ̀rẹ́ tìẹ gbọ́n. Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó dáadáa. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ tó o kọ yẹn ni kó o lò, nítorí bí ẹ̀fẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni òde ṣe ń dùn tó. Ṣùgbọ́n má dárúkọ ikú níbi ọjọ́ ìbí. Èèwọ̀ ni.

Alága Ìjókòó

Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá. Òdodo ni ọ̀rọ̀ ìbà àti ti ikú, mo máa padà sórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ní ogójì yẹn náà, ẹni tó ń darí ètò á ti sọ ọ́ kó tó gbé gbohùngbohùn fún un, pásítọ̀ náà á sì tún un sọ nínú àdúrà. Bí òun bá wá jẹ́ ẹni kẹta tó máa sọ ọ́, wọ́n á kàn máa wò ó ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni kó o ní lọ́kàn. Nínú gbọ̀ngàn tó gba igba èèyàn, ohùn máa ń dún padà láti ara ògiri, ó sì di dandan kéèyàn rọra sọ̀rọ̀. Nǹkan bí ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún ni wàá lè sọ ní ìṣẹ́jú kan kí àwọn tó jókòó sẹ́yìn tó gbọ́ ọ yékéyéké. Nítorí náà, bó o bá kọ ọ̀rọ̀ tó tó igba sí igba ó lé àádọ́ta, tó o fi ẹ̀rín àti "àmín" kún un, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé nìyẹn. Kà á sókè nílé, kó o máa wo aago. Ohun tó bá gba ìṣẹ́jú méjì nílé á gba mẹ́ta lóde.

Ní ti ohun tó yẹ kó o fi ṣẹ̀fẹ̀, ìbéèrè kan ni mo máa ń ní kí èèyàn bi ara rẹ̀: ṣé Àjọkẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín níwájú ìyá ọkọ rẹ̀? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ máa ń fi rẹ́rìn-ín nínú yàrá, inú yàrá ni kó wà.

Lẹ́tà ọ̀rẹ́kùnrin kọ́kọ́ kùnà nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn, nítorí kò sóhun mìíràn tó lè ṣe níwájú èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya fídíò ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kó tó di alẹ́, ọ̀rọ̀ náà á ti wà lórí Wásáàpù, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ tí kò sí níbẹ̀, tí wọn kò gbọ́ ohùn tó o fi sọ ọ́, á máa bi ara wọn pé ta ni ọkùnrin yẹn.

Eegun Ẹja náà kò yege. Ẹ̀fẹ̀ máa ń dùn lára ohun tí èèyàn ń ṣe. Kì í dùn lára ohun tí ara èèyàn jẹ́. Lóòótọ́, àwọn ìyá wa ka sísanra sí ohun àmúyangàn, wọ́n á ní ayé ń yẹ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin ẹni ogójì ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aṣọ lọ́wọ́ aránṣọ lánàá, tó ń ronú bóyá ó fún un jù, kì í ṣe òun lèèyàn máa ní kí igba èèyàn wo ìbàdí rẹ̀. Ohun tó kù kò gba àlàyé: ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, àìsàn, ìjà àárín lọ́kọláya, fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kódà bí òun gan-an bá máa ń fi ṣàwàdà.

Ohun méjì ló kù fún ọ, pípẹ́ àti fílàṣì, ó sì tó. Ẹ̀fẹ̀ méjì, ìrántí kan tó jinlẹ̀, ìwúre kan, ife sókè.

Ọmọ Èkó ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà ní ọ̀rẹ́ tó máa pé ogójì, ní Ìbàdàn, n kò sì ní lè lọ. Fún fídíò tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ yẹn, ìbú ni kí ẹ gbé fóònù sí, nítorí ojú aṣọ ńlá ni wọ́n máa fi í hàn nínú gbọ̀ngàn. Bó bá wà lóòró, dúdú ló máa wà lọ́tùn-ún lósì. Kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí ẹ dojú kọ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ má wà lẹ́yìn yín.

Alága Ìjókòó

Àbúrò, òun máa wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe fídíò. Ṣùgbọ́n ohun tó o sọ wúlò fún ẹni tó bá wà lókè òkun. Mo máa fi kún un pé kí o fi fídíò tìrẹ ránṣẹ́ ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú, tààrà sí ẹni tó máa fi í hàn, kó sì jẹ́ bíi fáìlì. Bó bá gba orí Wásáàpù kọjá bíi fídíò lásán, àwòrán rẹ̀ á ti ṣú kó tó dé ojú aṣọ ńlá. Nínú fídíò, ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo ni kó o ṣe, nítorí o kò lè dúró de ẹ̀rín wọn. Wọ́n á ṣì máa rẹ́rìn-ín èyí àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nígbà tó o bá ti ń sọ èkejì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun, àǹtí. Ẹ̀fẹ̀ fílàṣì yìí ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ṣé kò ní dà bíi pé mo ń pè é ní ahun?

Alága Ìjókòó

Ó lè dà bẹ́ẹ̀ bó o bá sọ ọ́ bíi pé òun nìkan ló ń ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń pé ogójì báyìí, ẹ ṣì kéré nígbà tí fóònù alágbèéká tó ń lo káàdì síìmù dé Nàìjíríà ní 2001. Ìṣẹ́jú kan tó nǹkan bí náírà 50, kódà bó o bá sọ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, odidi ìṣẹ́jú ni wọ́n máa yọ. Ọdún 2003 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n ni fílàṣì nígbà náà, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rántí ìyẹn. Sọ pé, "Ẹ̀yin tí ẹ bá fílàṣì rí, ẹ gbọ́wọ́ sókè." Lójú ẹsẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ti bá Àjọkẹ́ jẹ̀bi. Ìgbà yẹn lo máa wá sọ pé ti Àjọkẹ́ yàtọ̀, òun kò dá a dúró. Wọ́n á rẹ́rìn-ín ara wọn mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ahun kò ní wọlé.

Ohun kan tún wà tó ṣe kókó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìwà tó o bá fi ṣẹ̀fẹ̀ ni kó o fi yìn ín. Bó o bá ṣẹ̀fẹ̀ lórí pípẹ́ tán, tó o wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó lawọ́, ó nífẹ̀ẹ́ Ọlọ́run, ó ń se ọbẹ̀ tó dùn, ọ̀rọ̀ méjì tí kò mọ ara wọn lo sọ yẹn, ẹ̀fẹ̀ náà á sì dúró bíi èébú tí a kò fà padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń pẹ́ dé ibi gbogbo ni kò pẹ́ dé lọ́jọ́ tí ojú pọ́n ọ, ẹ̀fẹ̀ yẹn gan-an ló di ìyìn. Ìtàn ìgbà tí bàbá rẹ kú lo máa lò. Mo gbà pẹ̀lú bàbá Onígègé pé kó o má dárúkọ ikú. "Ọdún kan wà tí ìṣòro dé bá ilé wa" ti tó. Àwọn tó mọ̀ á mọ̀, àwọn tí kò mọ̀ kò ní béèrè, inú ẹnikẹ́ni kò sì ní bàjẹ́ lórí oúnjẹ.

Tíṣà Ọ̀yọ́

Mo gbà pẹ̀lú Alága, àmọ́ èmi rò pé fílàṣì ló yẹ kó yí padà di ìyìn, kì í ṣe pípẹ́. Gbogbo ọ̀rẹ́ ló ń pẹ́, igba èèyàn tó wà níbẹ̀ ló ti gbọ́ ẹ̀fẹ̀ nípa ẹni tó ń pẹ́. Ẹni tó ń fílàṣì, tó wá di pé lọ́jọ́ ìṣòro kò fílàṣì mọ́, tó pè, ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Gbólóhùn kúkúrú méjì ló máa gbé e: "Lọ́jọ́ yẹn, Àjọkẹ́ kò fílàṣì. Ó pè." Kó o dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Nípa òwe tí bàbá sọ: bó o bá pa á níwájú àwọn àgbà, rántí "tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà." Wọ́n á ní "wàá rí òmíràn pa." Bó o bá gbàgbé rẹ̀, ó dájú pé ẹnì kan lórí tábìlì àwọn àna máa gbé ojú sókè. Ẹyọ òwe kan péré, bó bá sì jẹ́ pé o kò rí èyí tó bá ọ̀rọ̀ náà mu, má pa ìkankan.

Bó o bá sì fẹ́ kí i ní oríkì, oríkì ìdílé bàbá rẹ̀ ni, kì í ṣe ti ilé ọkọ. Lọ béèrè ìlà kan tàbí méjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tàbí àgbàlagbà kan nílé wọn, kó o kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Má lọ mú u lórí ayélujára. Orúkọ ìdílé kan náà lè wà ní ìlú mẹ́rin, kí oríkì wọn má sì dọ́gba. Bó o bá kí ọmọ ilé kan ní oríkì ilé mìíràn níwájú ìyá rẹ̀, ohun tí wọ́n máa rántí nínú ọ̀rọ̀ rẹ nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé "ó" ni kí n máa pe Àjọkẹ́ níwájú àwọn àna, àbí "wọ́n"? Ọmọ mẹ́ta ló ti bí fún wọn.

Tíṣà Ọ̀yọ́

"Wọ́n" ni. Ìyá ọmọ ni, àna ń bẹ níbẹ̀, pásítọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá á máa gbọ́.

Alága Ìjókòó

Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Bó bá ń sọ pé "wọn kò tíì wẹ̀, wọ́n ní àwọn ti wà lọ́nà," ẹ̀fẹ̀ náà ti kú nìyẹn, àwọn kan á tiẹ̀ rò pé ẹ̀yin méjèèjì ń bínú síra yín. Ohun tó dáa ni pé kó kọ́kọ́ pè é lórúkọ oyè tí ilé ọkọ fún un nígbà tó bá ń kí àwọn àna, bíi "ìyàwó yín, ìyá àwọn ọmọ wa," kó wá sọ pé, "Ẹ gbà mí láyè kí n pè é bí mo ṣe máa ń pè é." Wọ́n á gbà. Látibẹ̀ lọ, "ó" ni.

Tíṣà Ọ̀yọ́

Ní Èkó, bóyá. Ní Ọ̀yọ́, a kì í tọrọ irú àyè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ nínú gbohùngbohùn.

Bàbá Onígègé

Tíṣà ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni wọ́n ń ṣe é, kó béèrè lọ́wọ́ ìyá Àjọkẹ́.

Onímáìkì

Ẹ kú àṣeyẹ. Èmi ni mo ń tò ẹ̀rọ amóhùn-bú-gbẹ̀mù sí òde, mo fẹ́ sọ ohun tó máa ń ba irú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó dáa púpọ̀ ni mo ti rí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Àkókò ló kọ́kọ́ wà. Pe ẹni tó ń darí ètò kí ọjọ́ náà tó pé, ní kó fi ọ̀rọ̀ rẹ sí kété kí wọ́n tó gé kéèkì. Ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn ń wo iwájú, tí ọlọ́jọ́ ìbí fúnra rẹ̀ sì wà ní ìdúró. Má gbà kí wọ́n fi ọ́ sí ẹ̀yìn ìgbà tí oúnjẹ bá ti ń jáde. Tábìlì tí kò tíì rí ìrẹsì ń wo tábìlì tó ti rí i, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Èkejì ni àwọn onílù. Bí onígángan bá gbọ́ pé ẹnì kan dìde, ó máa wá dúró tì í láti kì í. Lọ bá wọn ṣáájú, fún wọn ní nǹkan díẹ̀, kó o ní kí wọ́n dúró títí o fi máa sọ pé ife sókè, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Inú wọn á dùn, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni àwọn èèyàn máa ń náwó. Bí ẹnì kan bá wá lẹ owó mọ́ ọ lórí nígbà tó o ń sọ̀rọ̀, dákẹ́, rẹ́rìn-ín, kí onítọ̀hún parí, kó o tún gbólóhùn tó o wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Má sọ̀rọ̀ lọ nígbà tó ń lẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, gbohùngbohùn. Jẹ́ kó tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ètè rẹ, má sì jẹ́ kó tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ nígbà tó o bá yíjú sí Àjọkẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó dùn jù máa ń sọnù sí, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ lò ń wò, ẹnu rẹ sì ti kúrò níwájú rẹ̀. Bí iná bá lọ tí wọ́n ń gbé e bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, dúró. Kì í sábà pẹ́. Má pariwo.

Kọ ọ̀rọ̀ náà sórí páálí kékeré, lẹ́tà gàdàgbà, ìlà mẹ́fà sí méje lójú kan. Má kà á lórí fóònù. Ojú fóònù á ṣú, ẹnì kan á pè, àwọn tó ń wò ọ́ á sì rò pé ò ń ka Wásáàpù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin àgbà mi, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Mo ti pa ti àǹtí Alága àti ti ẹ̀gbọ́n Tíṣà pọ̀, fílàṣì àti pípẹ́ jọ ń lọ sí ojú kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ yẹn náà nìyí. Ẹ bá mi wò ó:

"Màámi, ìyá Àjọkẹ́, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ̀yin àna wa, ẹ kú ìnáwó. Pásítọ̀, ẹ̀yin àgbààgbà, mo kí yín. Èmi ni ọ̀rẹ́ ìyàwó yín láti ilé ìwé girama. Orí àga kan náà la jọ jókòó fún ọdún mẹ́fà. Ẹ gbà mí láyè kí n pè é bí mo ṣe máa ń pè é.

Gbogbo ẹni tó mọ Àjọkẹ́ ló mọ̀ pé bó bá ní òun ti wà lọ́nà, balùwẹ̀ ló wà. Agogo méjìlá ló kọ sínú ìwé tó fi pè wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, agogo mélòó ló wọlé?

Ẹ̀yin tí ẹ bá fílàṣì rí, ẹ gbọ́wọ́ sókè. Mo rí yín o, kódà mo rí ọwọ́ kan lórí tábìlì àwọn àgbà. Gbogbo wa la fílàṣì, àmọ́ a dá a dúró. Àjọkẹ́ kò dá a dúró. Ó máa fílàṣì lẹ́ẹ̀kan, ìwọ á pè é padà pẹ̀lú owó tó kù lórí fóònù rẹ, á wá ní, 'Kò sí nǹkan o, mo kàn ní kí n kí ọ ni.'

Ọdún kan wà tí ìṣòro dé bá ilé wa. Lọ́jọ́ yẹn, Àjọkẹ́ kò fílàṣì. Ó pè. Ó ní, 'Mo ti wà lọ́nà.' Mo sọ lọ́kàn mi pé balùwẹ̀ náà ló wà. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀rẹ́ mi, o pé ogójì lónìí. Bó o bá pẹ́, a ó dúró dè ọ́. Bó o bá fílàṣì, a ó pè ọ́ padà. Gbogbo ilé, ẹ bá mi gbé ife yín sókè. Àjọkẹ́, igba ọdún, ọdún kan ni!"

Alága Ìjókòó

O ṣe é. Ó gún régé. Ohun mẹ́rin péré. "Mo rí ọwọ́ kan lórí tábìlì àwọn àgbà" yẹn, sọ ọ́ bó bá jẹ́ pé o rí i lóòótọ́ nìkan, má sì na ìka sí ẹni náà.

Lẹ́yìn "agogo mélòó ló wọlé," dákẹ́ pátápátá. Àwọn èèyàn á dá ọ lóhùn fúnra wọn, ìdáhùn wọn ló sì máa pani lẹ́rìn-ín. Bó o bá yára sọ̀rọ̀, o ti fi ọwọ́ ara rẹ pa á. Àmọ́ kí lo máa ṣe bí Àjọkẹ́ bá dé lásìkò lọ́jọ́ náà? Nígbà mìíràn, ọlọ́jọ́ ìbí máa ń tètè dé nítorí ẹni tó ń ya fọ́tò. Kọ ìlà kejì sẹ́yìn páálí náà: "Lónìí, Àjọkẹ́ dé lásìkò. Pásítọ̀, ẹ bá wa dúpẹ́." Kó o mú èyí tó bá ọjọ́ náà mu.

Ní ibi tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, má ṣàlàyé pé òun ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti mọ̀. Bí omi bá gba ojú rẹ, dúró, mí sínú lẹ́ẹ̀kan, wo ìsàlẹ̀ páálí. Ìlà tó tẹ̀ lé e kúrú, ó máa gbé ọ jáde.

Ẹ̀kẹrin, ní kí àwọn tó ń pín ọtí dé gbogbo tábìlì ṣáájú, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Igba èèyàn kò lè gbé ife òfìfo sókè. Mọ́ọ̀tì, omi, sóbò, ohunkóhun tí kò ní lé pásítọ̀ àti àwọn Mùsùlùmí ẹbí sẹ́yìn. Kó o fi "ẹni tí kò bá ní ife, kó gbé ìgò rẹ̀ sókè" kún un, nítorí púpọ̀ nínú wọn láti ẹnu ìgò ni wọ́n ń mu.

Tíṣà Ọ̀yọ́

Ó dára gan-an. Ìwúre nìkan ló kúrú lójú tèmi. "Bó o bá pẹ́, a ó dúró dè ọ́" ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, kí ló dé tí o kò wọlé? Fi èyí tẹ̀ lé e: "Ìwọ tó ò ń pẹ́ dé ibi gbogbo, wàá pẹ́ láyé." Ilé á wó fún "àmín."

Onímáìkì

Àbí kó kúkú sọ pé, "Ọ̀run ni kó o pẹ́ dé jù lọ!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Bàbá Onígègé

Rárá o! Mo ti ní kí ẹ má dárúkọ ikú. Ìyá ọmọ náà wà níbẹ̀.

Onímáìkì

Bàbá, àdúrà ẹ̀mí gígùn ni mo gbà á sí.

Alága Ìjókòó

Lẹ́nu ẹni tó ń darí ètò, ó lè gbé e. Lẹ́nu ọ̀rẹ́, lẹ́yìn ìtàn ìṣòro ilé tí kò tíì tutù lọ́kàn wọn, mo rò pé ó léwu. Ti Tíṣà ni kó mú. "Wàá pẹ́ láyé," àmín, kó tó ní kí wọ́n gbé ife. Àmín kan ṣoṣo o. Bó bá fi ìwúre kejì kún un, pásítọ̀ á rò pé òun ni wọ́n ń pè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo ti fi í sí i. Mo pe ìyá Àjọkẹ́ nípa "ó" àti "wọ́n." Màámi ní kí n máa pè é bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ kí ìyá ọkọ kí n tó kí òun. Mo ti yí ìlà àkọ́kọ́ padà báyìí: ìyá ọkọ, màámi, pásítọ̀.

Tíṣà Ọ̀yọ́

Àti bàbá ọkọ ńkọ́, ṣé ó ń bọ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Wọn kò tíì sọ. Mo máa fi àyè sílẹ̀ lórí páálí.